Orúkọ báńkì lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó

Àwọn ọlọ́jà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú tábìlì mi, fóònù lọ́wọ́: “Ọ̀gá, ẹ wò ó, owó wọlé, ẹ̀yin lẹ yọ ọ́.” Àwọn mìíràn ní oníbàárà ló fi oògùn gba owó náà padà. Iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, n kò sì tíì rí oògùn nínú ìwé àkáǹtì. Owó yẹn ò wọlé rárá ni!

Ìyá aláṣọ kan wà lára wọn. Oníbàárà ra ìdì aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti fi 250,000 ránṣẹ́. Fóònù ìyá dún, orúkọ báńkì rẹ̀ gan-an ló wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì tò sábẹ́ àwọn tí báńkì ti ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó kó aṣọ fún un.

Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Orúkọ tó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tẹ̀ ni. Àwọn ètò ìfiránṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kí onítọ̀hún tẹ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Fóònù kì í wádìí ẹni tó rán an; bí orúkọ bá ti jọra, ojú kan náà ló ń kó wọn jọ sí. Ìyẹn ni ayédèrú ṣe ń jókòó sáàárín ojúlówó. Rìsíìtì tí oníbàárà ń fi hàn yín kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán lásán ni.

Mo ní kí ìyá ka àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ sí mi létí. Ó kà á pé 612,000 ló kù nínú àkáǹtì. Mo bi í pé èló ló wà níbẹ̀ kí oníbàárà tó dé. “40,000.” Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, nítorí ó ti rò ó pé 290,000 ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó ń ṣírò ọ̀pá aṣọ lórí! Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, olè mìíràn kì í kọ iye tó kù.

Mo ní kó máa ṣí áàpù báńkì rẹ̀ fúnra rẹ̀, lórí fóònù tirẹ̀, kó wo iye tó wà níbẹ̀ àti bóyá owó náà ti hàn nínú àwọn tó wọlé. Bí kò bá sí áàpù, kó tẹ nọ́ńbà tí báńkì rẹ̀ fi ń yẹ àkáǹtì wò. Kó má tẹ ohunkóhun nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn.

Nígbà tó padà wá, ó ròyìn oníbàárà mìíràn fún mi. Áàpù ò fi nǹkan kan hàn, inú sì bí ọkùnrin náà: “Ṣé olè lẹ pè mí ni?” Ìyá ní, “Rárá o. Ẹ jókòó, báńkì ni mò ń retí.” Owó pàpà dé, ó sì kó ọjà fún un. Owó òótọ́ náà máa ń pẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá kùnà, àkáǹtì ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló yẹ kó padà sí.

Ti ìdì mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kò sí owó tí báńkì lè lépa. Mo ní kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, kó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó bi mí pé ṣé kí òun kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wòlíì. Mo ní àgọ́ ọlọ́pàá ni mo wí.