FFA àti PV: bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà méjì mọ epo pupa tó ti bàjẹ́

Ọ̀nà méjì ni epo pupa ń gbà bàjẹ́, wọn ò sì jọ ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fún epo rárá, nígbà tí ẹyìn ṣì wà nílẹ̀ ní ẹbu. Ìkejì sábà máa ń dé lẹ́yìn tí epo ti wọ kẹ̀ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó tọ́ epo wò lè mọ̀ pé ó ti kan, imú sì lè sọ fún un pé òórùn rẹ̀ ti yí, àmọ́ kò ní mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà ti wá. Ìdí nìyí tí ilé àyẹ̀wò fi ń wọn nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ń kọ FFA fún ti àkọ́kọ́ àti PV fún ti ìkejì sínú ìwé èsì.

FFA ni ìwọ̀n ásíìdì ọ̀rá tó ti já kúrò lára epo. Epo tó dára, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta-mẹ́ta ló so mọ́ gílísẹ́rọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Nínú ẹran ara ẹyìn, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ lípéèsì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó já ìsopọ̀ yẹn. Bí ẹyìn bá wà lódindi, lípéèsì kì í rí ọ̀rá náà fọwọ́ kàn. Tí ẹyìn bá fi lè fara pa báyìí, bóyá nígbà tí ìdì já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tàbí tí àdá kàn án, tàbí tí wọ́n jù ú sínú ọkọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí FFA ti ń ga jù ní àwọn ẹbu kéékèèké wa ni pé wọ́n á gé ìdì ẹyìn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó lè rọrùn láti gbọn ẹyìn kúrò lára ìdì. Ó ń dín iṣẹ́ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru abẹ́ ewé yẹn gan-an ni lípéèsì fẹ́. Sísè ẹyìn ló ń pa á. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n bẹ́ ẹyìn àti ìgbà tí wọ́n gbé e kaná ló ń hàn nínú FFA. Omi àti ìdọ̀tí tó bá kù sínú epo lẹ́yìn náà tún lè bá a kún un, nítorí olú àti kòkòrò àìfojúrí náà ní lípéèsì tiwọn.

Kí wọ́n tó wọn ohunkóhun, ọ̀nà tí wọ́n fi bu epo ṣe pàtàkì. Bí kẹ̀ẹ̀gì bá ti dúró, èyí tó dì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó ṣàn a sì wà lókè. Ẹni tó bá bu ti òkè nìkan kò tíì yẹ kẹ̀ẹ̀gì náà wò. Kí wọ́n gbé kẹ̀ẹ̀gì sínú omi gbígbóná, ní nǹkan bí 60°C, títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́, kí wọ́n pò ó dáadáa, kí wọ́n tó bu èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Kí wọ́n má gbé e sórí iná lásán, nítorí iná ń yí PV padà. Kí ìgò tí wọ́n bu ú sí jẹ́ èyí tó dúdú, kó kún dé ẹnu, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún FFA, wọ́n á wọn epo gíráàmù 5 sínú fìlásìkì. Wọ́n á da ọtí ísópúrópánọ́ọ̀lù mìlílítà 50 sí i, àmọ́ ọtí náà gbọ́dọ̀ ti gba ìtọ́jú kó tó kan epo: wọ́n á kán fínọ́fútálíìnì sí i, wọ́n á sì máa kán sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ òsùn-pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á fi yọ. Ọtí fúnra rẹ̀ máa ń ní ásíìdì díẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe èyí, ẹ̀ṣẹ̀ ọtí á bọ́ sí ọrùn epo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú fìlásìkì gbóná títí epo á fi yọ́, wọ́n á sì máa kán sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì 0.1 N sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n kíkankíkan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Epo wa pupa, àwọ̀ tí wọ́n ń wá náà sì sún mọ́ pupa. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ epo kò ní rí i. Kí ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀, kí epo rọlẹ̀, kí ó wo ọtí tó léfòó lókè: níbẹ̀ ni àwọ̀ náà ti máa hàn, tí kò sì ní lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí epo bá pupa jù, kí wọ́n wọn gíráàmù 2 dípò 5, tàbí kí wọ́n lo álíkálì búlúù 6B dípò fínọ́fútálíìnì. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
FFA (%) = 25.6 × N × V / W
```

V ni mìlílítà tí wọ́n kán, N ni agbára sódíọ̀mù náà, W ni ìwọ̀n epo ní gíráàmù. 25.6 wá láti ara ásíìdì pámítíìkì, èyí tó pọ̀ nínú epo pupa, tí ìwọ̀n mọ́líkù rẹ̀ jẹ́ 256. Kí wọ́n má ka N sí 0.1 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì ń fa gáàsì láti inú afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ sì ń dín kù; bó bá ti rọ, mìlílítà tó máa lọ á pọ̀, wọ́n á sì pe epo rere ní burúkú.

PV ní tirẹ̀ ń wọn ohun tí afẹ́fẹ́ ti ṣe. Ọ́síjìn máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀rá tó ń ṣàn nínú epo, ó sì ń di pẹrọ́ọ̀sáìdì. Oòrùn, ooru àti ìpẹtà irin ló ń mú kó yá. Wọ́n á wọn epo gíráàmù 5, wọ́n á da àdàlù ásíìdì àsẹ́tíìkì àti kulorofọ́ọ̀mù, ìdá mẹ́ta sí méjì, mìlílítà 30 sí i, lẹ́yìn náà potáṣíọ̀mù àáyódáìdì tí wọ́n ti pò mọ́ omi títí tí omi náà kò lè yọ́ ọ mọ́, mìlílítà 0.5. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan géérégé. Pẹrọ́ọ̀sáìdì á lé àáyódíìnì jáde. Wọ́n á da omi mìlílítà 30 sí i, wọ́n á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á wá máa kán sódíọ̀mù taiosọ́fẹ́ètì 0.01 N títí àwọ̀ búlúù á fi lọ. Nínú epo pupa, búlúù yẹn kì í mọ́ kedere; ó máa ń dà bíi omi àgbàrá tó dúdú, ìgbà tí àwọ̀ epo bá padà mọ́ tónítóní ni òpin rẹ̀.

```
PV = (S - B) × N × 1000 / W
```

S ni mìlílítà tó lọ fún epo, B ni ti fìlásìkì tí kò ní epo nínú, N ni agbára sódíọ̀mù taiosọ́fẹ́ètì, W ni ìwọ̀n epo ní gíráàmù. Èsì jẹ́ mìlíìkífálẹ́ńtì ọ́síjìn nínú kílò epo kan. B yìí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Potáṣíọ̀mù àáyódáìdì tó ti pẹ́ máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò, ìyẹn ni pé àáyódíìnì ti wà nínú rẹ̀ kó tó rí epo. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni kí wọ́n pò ó. Kulorofọ́ọ̀mù náà kò dára fún ìmí, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ̀ẹ̀gì méjì fi ṣe àpẹẹrẹ, ká sọ pé agbára sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì wà ní 0.098 N, ti sódíọ̀mù taiosọ́fẹ́ètì sì wà ní 0.01 N. Kẹ̀ẹ̀gì kìíní: epo gíráàmù 5.00 gba mìlílítà 17.6. Ìyẹn jẹ́ 25.6 × 0.098 × 17.6 ÷ 5.00, tó fún wa ní 8.8%. Fún PV, S jẹ́ 1.3, B jẹ́ 0.1, èsì sì jẹ́ 2.4. Kẹ̀ẹ̀gì kejì: epo gíráàmù 5.00 náà ni, mìlílítà 5.0 péré ló lọ, FFA jẹ́ 2.5%. Ṣùgbọ́n S rẹ̀ jẹ́ 9.6, B ṣì jẹ́ 0.1, PV sì jẹ́ 19.

Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún epo pupa tí wọn ò tíì fọ̀ ní ilé iṣẹ́ ni pé kí PV má kọjá 15, kí ásíìdì rẹ̀ má sì gbà ju mìlígíráàmù potáṣíọ̀mù háídírọ́sáìdì 10 lọ fún gíráàmù epo kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 4.6% FFA. Àwọn oníṣòwò sábà máa ń sọ ọ́ ní 5%. Kẹ̀ẹ̀gì méjèèjì ló jábọ́, ẹ̀bi wọn ni kò jọra. Ti kìíní, ìtọ́jú epo kò ní àléébù. Ẹyìn ló pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Kò sí kẹ̀ẹ̀gì tuntun tàbí ibi tútù tó lè tún un ṣe mọ́, àmọ́ bí wọ́n bá gbé e fún àwọn tó ń se ọṣẹ, á wúlò. Ti ìkejì, ẹbu ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ẹni tó tọ́jú epo ni kí wọ́n bi léèrè: ṣé kẹ̀ẹ̀gì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni, tí wọ́n tò sínú oòrùn ní ojú ọjà, àbí dúrọ́ọ̀mù tó ti dógùn-ún nínú? Ojú lásán lè tan ènìyàn nínú èyí. Epo tí FFA rẹ̀ ga máa ń dì le, ìyẹn sì mú kí àwọn kan máa sọ pé epo tó dì kò dára, ṣùgbọ́n epo tó dára pàápàá ń dì nígbà ọyẹ́.

FFA kì í sábà parọ́, torí ó ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. PV ni kí wọ́n fura sí. Pẹrọ́ọ̀sáìdì kì í pẹ́ láyé. Tó bá ti pọ̀ tó, á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ di àwọn nǹkan mìíràn tó ń mú kí epo máa rùn, PV á sì máa wálẹ̀. Epo tó ti pẹ́ gan-an lè ní PV 4, ẹni tó ń wo ìwé nìkan á sì pè é ní tuntun. Epo tí wọ́n ti yan títí tó fi funfun náà rí bẹ́ẹ̀, torí iná ti fọ́ pẹrọ́ọ̀sáìdì tó wà nínú rẹ̀. Bí òórùn epo bá ti yí, tí PV rẹ̀ sì kéré, imú ni kí wọ́n gbà gbọ́, kí wọ́n sì bèèrè fún àyẹ̀wò ánísídíìnì, èyí tó ń wọn ohun tí pẹrọ́ọ̀sáìdì fọ́ dà.

Nǹkan kan wà tí méjèèjì kò lè rí rárá, ìyẹn ni àwọ̀ Súdàn IV tí àwọn ẹlẹ́tàn ń pò mọ́ epo kó lè pupa. Kò ní ásíìdì, kì í sì í ṣe pẹrọ́ọ̀sáìdì. Epo tí wọ́n pa láró lè ní FFA 3% àti PV 5, kó sì jábọ́ pátápátá ní ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀.