Òfin 72: Ọdún Mélòó Ni Owó Ìfipamọ́ Yóò Fi Di Ìlọ́po Méjì?

Bí owó bá wà níbi tó ti ń mú èlé wá, téèyàn sì fẹ́ mọ ìgbà tí yóò di ìlọ́po méjì, kò pọn dandan kó wá ẹ̀rọ ìṣirò. Kó mú 72, kó sì fi èlé ọdún kan pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ọdún. Èlé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún: fi 8 pín 72, ó di ọdún 9. Èlé ìdá 6: ọdún 12. Ìṣirò yìí ti pẹ́ láyé. Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ìlú Fẹ́nísì lọ́dún 1494, àmọ́ kò ṣàlàyé ibi tí 72 ti wá.

Ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi 1,000 pamọ́ ní èlé ìdá 8, ká má sì fọwọ́ kàn án. Lópin ọdún kìíní, èlé 80 wọlé, owó di 1,080. Lọ́dún kejì, orí 1,080 yìí ni wọ́n ti máa ṣírò èlé, kì í tún ṣe orí 1,000 mọ́, nítorí náà 86.40 ló wọlé, owó di 1,166.40. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ọdún karùn-ún fi parí pẹ̀lú 1,469.33. Nígbà tí ọdún kẹsàn-án bá máa parí, èlé ọdún yẹn nìkan ti tó 148.07, àpapọ̀ owó sì di 1,999. Ó ku ẹyọ 1 péré kó pé 2,000.

Èlé tó ń bí èlé ni òfin yìí dúró lé. Bí wọ́n bá ń san èlé fún olówó lọ́dọọdún tó sì ń ná an, 80 yẹn náà ni yóò máa gbà lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ọdún 12 àtààbọ̀ ni àpapọ̀ èlé yóò sì tó fi tó 1,000. Níbẹ̀, 100 la máa pín, kì í ṣe 72. Òfin náà kò sì bá owó téèyàn ń fi kún lóṣooṣù mu. Owó kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà fún.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 72? Bí èlé bá ń gun orí ojú owó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láìdúró, 69.3 ni nọ́ńbà tó yẹ ká pín. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni èlé ń gun orí owó, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, nọ́ńbà náà á sì ga sí i bí èlé bá ṣe ń pọ̀. Ní ìtòsí ìdá 8 ló ti ń bọ́ sí 72. Èyí tó wá dùn jù nínú rẹ̀ ni pé 2, 3, 4, 6, 8, 9 àti 12 ló ń pín 72 láìṣẹ́kù, ìyẹn ló mú kó rọrùn láti fi orí ṣe.

Bí èlé bá jìnnà sí 8, òfin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ní ìdá 20, ó ní ọdún 3.6, àmọ́ 3.8 gan-an ni. Ní ìdá 2, ó ní ọdún 36, bẹ́ẹ̀ 35 ló jẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: fún ìdá 3 kọ̀ọ̀kan tí èlé bá fi ju 8 lọ, fi 1 kún 72, fún ìdá 3 kọ̀ọ̀kan tó bá fi dín sí 8, yọ 1 kúrò. Ìdá 20 fi 12 ju 8 lọ, ìyẹn ìgbà mẹ́rin 3, nítorí náà 76 la máa fi 20 pín, ó sì di 3.8 gẹ́lẹ́. Ní ìdá 2, 70 la máa pín, ó di 35.

Èlé tó ń wọ ọwọ́ olówó gan-an ló yẹ kó wọ inú ìṣirò yìí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára ìwé. Ká ní owó ń mú ìdá 8 wá, àmọ́ àwọn tó ń bójú tó o ń yọ ìdá 2 lọ́dún fún iṣẹ́ wọn. Ìdá 6 ló kù, owó tí ì bá di méjì ní ọdún 9 wá di méjì ní ọdún 12. Ó lè dà bíi pé ọdún mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 36: ìdá 8 ti di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, 1,000 ti di nǹkan bí 16,000. Ìdá 6 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó sì dúró ní nǹkan bí 8,000.