Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Ra Àgbàdo Pamọ́

Àgbàdo kì í ti oko dé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni à ń jẹ ẹ́. Ohun tí a kórè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a óò máa jẹ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé, inú àlàfo yìí sì ni owó ọjà ti ń gòkè tí ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra oúnjẹ pamọ́ ní láti mọ bí owó náà ṣe ń rìn, nítorí pé ọjọ́ tí àgbàdo pọ̀ jù lọ́jà kọ́ ni ọjọ́ tí ó dára jù láti rà á sílẹ̀. Àwọn ọkà yòókù àti ẹ̀wà kò jìnnà sí àgbàdo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti àwọn ohun tí ń tètè bàjẹ́, bíi tòmátì, yàtọ̀: owó wọn a máa já wálẹ̀ ju ti ọkà lọ, a sì máa fò sókè ju ti ọkà lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi èyí tí ó pọ̀ lónìí pamọ́ de oṣù tí yóò wọ́n.

Ohun tí ó ń mú kí owó já nígbà ìkórè ju pé àgbàdo pọ̀ lọ. Ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ àgbẹ̀ ni ó ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé gbèsè irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó àwọn alágbàṣe ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ibi tí kòkòrò kò ti ní bá ọkà wọn jẹ́. Alájàpá tí ó bá ra àgbàdo náà yóò san owó ilé ìkẹ́rùsí, yóò fara mọ́ èyí tí ó bá bàjẹ́, owó rẹ̀ yóò sì há sínú ọjà fún oṣù púpọ̀. Ìdí nìyí tí owó fi ń lé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù: bí kò bá lé, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ tọ́jú ọkà de àwọn yòókù. Níbi tí òjò bá ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí a sì ń kórè lẹ́ẹ̀mejì, ìgòkè náà a máa kúrú.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó máa ń tan àwọn tí ń rà jẹ. Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé sábà máa ń ní omi tó ìdá 20 nínú 100, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí omi inú èyí tí a fẹ́ tọ́jú ju ìdá 13 lọ. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kílò 100 àgbàdo tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 ní kílò 80 ojúlówó ọkà nínú, ìyókù jẹ́ omi. Bí a bá sá a títí omi rẹ̀ fi wálẹ̀ sí ìdá 13, kílò 92 péré ni yóò kù. Bí a bá fi owó 100 ra kílò kan rẹ̀ nígbà tí ó tutù, owó tí a san gan-an lórí kílò gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 109, láìtíì ka wàhálà sísá mọ́ ọn. Bí àgbàdo gbígbẹ bá wá di 106 lẹ́yìn oṣù kan, ẹni tí ó dúró ni ó rà á ní ọ̀pọ̀. Lójú tèmi, àkókò tí ó dára jù ni nǹkan bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tí ìkórè bá gbóná, nígbà tí ọkà ti gbẹ tí owó kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Iyọ̀ ni a lè fi mọ èyí tí ó gbẹ. A ó wá ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí, a ó bu àgbàdo sí i títí yóò fi dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, a ó fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan tàbí méjì lé e, a ó dé e, a ó sì mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀ kí ó sinmi. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ju ìdá 15 lọ, kí a má rà á pamọ́. Bí iyọ̀ bá dà sísàlẹ̀ tí ara ìgò mọ́ kedere, omi rẹ̀ kò ju ìdá 15 lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣì sá a fún ọjọ́ kan sí méjì kí ó lè dé ìdá 13. Àgbàdo tí ó tutù a máa gbóná nínú àpò, a sì bu. Oró aflatósíìnì tí irú bíbu bẹ́ẹ̀ lè mú wá kì í tán nípa sísè.

Lẹ́yìn omi, kòkòrò ni ó kù. Abo kòkòrò àgbàdo a máa dá ihò sínú hóró, a yé ẹyin sí i, a sì dí ojú ihò náà padà, tí ó fi jẹ́ pé hóró tí ó mọ́ lójú lè ti lóyún kòkòrò. Níbi tí ó bá móoru, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ fi ń jáde, òun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀. Bí a bá rí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò àti ihò roboto lára hóró, ìran kan ti jáde nìyẹn. Ohun tí ó ń dá a dúró láìlo oògùn ni àpò tí atẹ́gùn kì í gbà kọjá: náílọ̀nù méjì tí ó nípọn, ọ̀kan nínú èkejì, nínú àpò híhun kan. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò fi èémí ara wọn lo atẹ́gùn ibẹ̀ tán, wọn kò ní lè jẹun mọ́, wọn yóò sì kú. Bí a bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu díẹ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, nítorí náà ó sàn kí a pín ọjà sínú àpò kéékèèké.

Wàyí o, ṣé yóò pé wa? Ká ní a ra kílò kan ní 106, a fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ bàjẹ́, àpò sì ná wa ní 4 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ owó tiwa ni a fi rà á, kílò tí a jẹ ná wa ní nǹkan bí 116. Bí ó bá jẹ́ owó tí a yá ní èlé 3 nínú 100 lóṣù, ó di nǹkan bí 136. Bí ọjà bá ń tà á ní 140 nígbà náà, èrè ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á hàn gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yáwó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan jẹ. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yáwó ra oúnjẹ pamọ́, nítorí pé ọdún mìíràn wà tí owó kì í gòkè: ìjọba lè tú ọkà inú àká rẹ̀ sílẹ̀, ọkà sì lè ti òkèèrè wọlé.

Bákan náà ni kò yẹ kí a ra ti ọdún kan gbáko. Àwọn tí ó ṣì ní ọkà àtijọ́ kì í dúró de ọjọ́ ìkórè kí wọ́n tó tà. Bí wọ́n bá ti rí i pé àgbàdo oko ń yọmọ tí òjò sì dára, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ kí tuntun má bàa bá a nínú ilé. Owó a ti máa wálẹ̀ nígbà náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìkórè. Nítorí náà, ìwọ̀n tí yóò tán lákòókò yẹn ni kí a rà: ẹbí tí ó bá ń jẹ kílò 20 lóṣù, tí ó sì rà á ní oṣù méjì lẹ́yìn ìkórè, kílò 160 fún oṣù mẹ́jọ ti tó o, kí ó sì fi kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá kún un nítorí èyí tí yóò bàjẹ́.