Pépà kan, róò kan? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o

Ẹ ya ibi tí wọ́n ti ń tẹ pùrójẹ́ẹ̀tì ní Tanke nílùú Ìlọrin, kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń ṣe másítàsì pé báwo ni wọ́n ṣe ń to téébù sìsítẹmátíkì rífíù wọn, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kó gbogbo ìwádìí tó dáhùn ìbéèrè kan jọ, ohun kan náà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní kò le, ṣebí Excel lèèyàn máa ṣí, pépà kọ̀ọ̀kan á ní róò tiẹ̀, èèyàn á lọ sí ábísítíráàtì, ìyẹn àkópọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ pépà, á kọ́pì nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀, ó parí. Pépà ogún, róò ogún. Tí súpáfáísọ̀ bá ti rí i pé róò pọ̀, inú ẹ̀ á dùn.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Téébù tá a máa ń rí nínú rífíù tí wọ́n ti tẹ̀ jáde rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ìlú, iye èèyàn, èsì, gbogbo ẹ̀ sí orí ìlà kan. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ ẹ̀wù fún nìyẹn, kì í ṣe téébù tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn síta, òun sì ni iṣẹ́ wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, èmi ni mo ṣe nọ́ńbà ẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ká ní ìbéèrè wa ni pé tí wọ́n bá ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn, ṣé bíípíì wọn máa wálẹ̀? A wá, a wá, lára ohun tá a rí ni pépà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ sọ èsì oṣù mẹ́fà. Ìkejì sọ ti oṣù méjìlá. Ìkẹta sọ nípa àwọn obìnrin nìkan. Àkọlé wọn ò jọra, jọ́nà tó tẹ̀ wọ́n ò jọra, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú nínú ọ̀kan, òun ló kẹ́yìn nínú èkejì. Ẹni tó bá ń ṣe pépà kan róò kan á kọ róò mẹ́ta, àbí?

Tẹ́ ẹ bá wá fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ó rí i pé ọsibítù kan náà ni, oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn wọlé bára mu, 200 èèyàn ni wọ́n pín sí méjì, ọgọ́rùn-ún síhìn-ín, ọgọ́rùn-ún sọ́hùn-ún. Èyí tó wá ń tú àṣírí jù ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Àwọn tráyà, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi ń dán ìtọ́jú wò lára èèyàn, tó bá forúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì ti Áfíríkà máa ń ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR, tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà kan náà nínú pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti parí, ìwádìí kan ṣoṣo ni. Àgbò Iléyá kan tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ò lè di àgbò mẹ́ta. Àmọ́ nínú téébù wa tẹ́lẹ̀, ìwádìí kan ti fẹ́ di mẹ́ta.

Kì í ṣe ohun tá a kàn ń fi dẹ́rù ba ara wa o. Ní 1997, Tramèr àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà BMJ lórí oògùn ondansetron, èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn kó má bàa bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n rí i pé 28% nínú dátà àwọn aláìsàn tó wà nínú àwọn pépà náà ni wọ́n ti tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láì sọ ọ́ síta. Nígbà tí wọ́n sì ṣe ìṣirò pẹ̀lú àwọn àtúntẹ̀ yẹn nínú, oògùn náà dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ní 23%. Ohun tó fà á ò sì ṣòroó rí, àwọn ìwádìí tí èsì wọn dáa jù ni wọ́n máa ń fẹ́ tún tẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó dáa náà ni wọ́n á fa gbogbo ẹ̀ sí.

Kí la wá máa ṣe? A ò ní ju pépà méjì yòókù nù o, àṣìṣe míì nìyẹn. Pépà kejì lè jẹ́ òun nìkan ló sọ bí wọ́n ṣe pín àwọn èèyàn náà, àkọ́kọ́ lè jẹ́ òun ló dárúkọ oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ fún ìwádìí náà ní nọ́ńbà kan, ká pè é ní S07, kí pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ẹ̀. Téébù mẹ́ta ni mo fẹ́ràn láti máa ní nínú fáìlì kan: èyí tí pépà kọ̀ọ̀kan ti ní róò tiẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwádìí tó jẹ́ tiẹ̀, èyí tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ti ní róò kan (ibi tí wọ́n ti ṣe é, irú èèyàn tó wà nínú ẹ̀, kí ni wọ́n ṣe fún wọn), àti ti èsì. Ti èsì yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí ìwádìí kan lè ní róò mẹ́rin, mẹ́jọ, tó bá tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n wọ̀n kọ̀ọ̀kan, ní oṣù kọ̀ọ̀kan, fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ti S07 á ṣe rí, SBP ni nọ́ńbà òkè nínú bíípíì, text ni gúrúùpù tó ń gba tẹ́ẹ̀sì, usual ni èyí tí ò gbà á:

```
study,outcome,month,arm,n,mean,err,err_type,sd,source
S07,SBP,6,text,100,138,1.5,SE,15,p5 Table 2
S07,SBP,6,usual,100,144,1.5,SE,15,p5 Table 2
S07,SBP,12,text,81,137,1.6,SE,14.4,p6 Table 3
```

Ẹ wo róò kẹta yẹn dáadáa. Ọgọ́rùn-ún kọ́ ló wà níbẹ̀, 81 ni, torí pé nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ò gbé fóònù mọ́. Ẹni tó bá fi iye èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ kún gbogbo róò ti sọ pé wọ́n wọn bíípíì àwọn tí wọn ò rí.

Ẹ tún wo kọ́lọ́ọ̀mù tí mo pè ní err_type. Àbúrò mi kan tó wá bá mi pẹ̀lú téébù tiẹ̀ bi mí pé, "Brọ̀dá, kí lẹ tún fẹ́ fìyẹn ṣe, ṣebí 138 ± 1.5 ni wọ́n kọ, mo sì ti kọ ọ́." Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Àmì ± yẹn ò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó lè jẹ́ SD, èyí tó ń sọ bí bíípíì àwọn èèyàn náà ṣe jìnnà síra wọn, ó sì lè jẹ́ SE, èyí tó ń sọ bí áfẹ́réèjì náà ṣe lè yẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá, àmọ́ àìmọye pépà ló máa kọ ± láì sọ èyí tó jẹ́, tàbí kí wọ́n fi àlàyé ẹ̀ sí lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀ téébù níbi tójú ò tètè dé.

Bó o ṣe máa mọ̀ ni kó o bi ara ẹ bóyá nọ́ńbà náà bá èèyàn gidi mu. Kó ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jọ sí ọsibítù, ṣé bíípíì gbogbo wọn máa wà láàárín 135 sí 141? Kò ṣeé ṣe, ẹlòmíì á ní 120, ẹlòmíì á ní 165. Torí náà 1.5 ò lè jẹ́ SD, SE ni. Láti yí i padà, n ni iye èèyàn inú gúrúùpù, CI sì ni òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tó ṣeé ṣe kí áfẹ́réèjì náà wà:

```
SD = SE × √n
SD = √n × (òkè CI − ìsàlẹ̀ CI) / 3.92
```

√100 jẹ́ 10, 1.5 lọ́nà 10 jẹ́ 15, ìyẹn bá ojú ayé mu. Tí pépà náà bá sì fún wa ní 95% CI, bíi 135.06 sí 140.94, a lè fi ìlà kejì yẹ̀ ẹ́ wò: 5.88 pín sí 3.92 jẹ́ 1.5, lọ́nà 10, ó tún jẹ́ 15. Ó bọ́ síra wọn. (3.92 yẹn dáa fún gúrúùpù tó pọ̀, tí èèyàn ò bá tó ọgọ́ta nínú gúrúùpù kan, nọ́ńbà inú téébù t ni kẹ́ ẹ lò dípò ẹ̀.)

Tá a bá wá fi 1.5 síbi SD ńkọ́? Ìyàtọ̀ gúrúùpù méjèèjì, 144 àti 138, jẹ́ 6. Láti mọ bó ṣe tóbi tó, wọ́n máa ń pín in sí SD. 6 pín sí 15 jẹ́ 0.4, èyí tó mọ níwọ̀n, tẹ́ẹ̀sì náà ṣèrànwọ́ díẹ̀. Àmọ́ 6 pín sí 1.5 jẹ́ 4, iṣẹ́ ìyanu pátápátá, kò sí tẹ́ẹ̀sì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ, tó bá jẹ́ ìyàtọ̀ 6 yẹn gan-an là ń ṣírò, sọ́fúwià á rò pé ìwádìí yìí dájú gan-an, á wá fún un ní wéètì tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún èyí tó yẹ kó ní, òun nìkan á wá gbẹnu sọ fún gbogbo àwọn tó kù. Ní 2007, Gøtzsche àtàwọn tiẹ̀ ní Denmark mú mẹ́tà-ánálísì 27, ìyẹn ìṣirò tó ń pa èsì ìwádìí púpọ̀ pọ̀, wọ́n yan tráyà méjì nínú kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ìṣirò wọn ṣe látorí pépà gan-an. Nínú 10 lára mẹ́tà-ánálísì 27 yẹn, ó kéré tán tráyà kan ò bá ohun tí wọ́n kọ mu. Àwọn tó mọṣẹ́ ló sì ṣe wọ́n o.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tọ́jú nọ́ńbà bí pépà ṣe kọ ọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù kan, kí èyí tí mo ṣírò wà nínú òmíì. Ẹni tó bá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ ò ní mọ ibi tó ti ṣìnà mọ́. Kọ́lọ́ọ̀mù source náà ò ṣeé fò: ojú ewé àti nọ́ńbà téébù. Tí ẹ bá rí i tí ẹnì kan kọ "abstract" síbẹ̀ nínú gbogbo róò, ẹ padà lọ ka pépà náà, torí nọ́ńbà ábísítíráàtì àti ti inú pépà kì í fìgbà gbogbo bára mu, ábísítíráàtì sì fẹ́ràn láti máa mú èsì tó dùn jù jáde kó fi èyí tí ò dùn sílé.

Ẹni méjì ló yẹ kó kún un, kálukú nínú yàrá tiẹ̀, kí wọ́n tó fi wéra. Kí ẹnì kan kún un kí ẹnì kejì kàn wá máa mirí pé ó dáa, ìyẹn ò tó fún àwọn nọ́ńbà èsì. Ẹ kọ́kọ́ fi pépà mẹ́ta mẹ́rin dán fọ́ọ̀mù náà wò, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé kọ́lọ́ọ̀mù kan ò yéni tàbí pé ẹ nílò òmíì, ó sì sàn kẹ́ ẹ rí i nígbà yẹn ju ìgbà tẹ́ ẹ bá dé pépà ọgbọ̀n.

Ó ku ti àlàfo. Tẹ́ ẹ bá wá nọ́ńbà kan tẹ́ ẹ ò rí i nínú pépà, ẹ kọ NR, ìyẹn "not reported", ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo, torí òfìfo túmọ̀ sí pé ẹ ò tíì wò ó. Ẹ má sì kọ 0, nọ́ńbà gidi ni 0. Ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé náà lórí ímeèlì, kẹ́ ẹ kọ déètì tẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú téébù. Àwọn kan máa ń dáhùn, ọ̀pọ̀ kì í dáhùn. Tí wọn ò bá dáhùn, S07 ò jáde nínú rífíù torí ìyẹn, NR ẹ̀ á wà níbẹ̀ kí ẹni tó ń ka iṣẹ́ yín lè rí i.