Ta Ni Ẹ Fi Iṣẹ́ Lé Lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Èsì Ímeèlì Ẹni Tó Lọ Lííìfù Gígùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì ímeèlì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé sí mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lọ lííìfù, ní ọ́fíìsì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàrin Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù. Mẹ́ta nínú wọn ní kí n "kàn sí ọ́fíìsì wa bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú". Ọ́fíìsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí náà ni wọ́n tún ní kí n kàn sí. Ẹ̀kẹrin kò sọ ju pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ọdún kẹtàlélógún mi rèé nídìí iṣẹ́ akọ̀wé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó sídìí tábìlì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lónìí ni mo sì kọ́ níṣẹ́ yìí. Ó ń dùn mí tí mo bá rí irú rẹ̀.

N kò ní sọ bí wọ́n ṣe ń tan èsì náà. Vacation responder ni Gmail pè é, Automatic Replies ni Outlook pè é. Ẹni tó bá lè kàwé yóò rí i. Ohun tí ẹ ń kọ sínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ibi tí ẹ ti ń dárúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan lágbègbè wa. Lííìfù ìbímọ ló lọ. Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 54, fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 lápapọ̀. Ọjọ́ Ajé 23 Oṣù Kẹfà 2025 ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé, "Mo wà ní lííìfù. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ kàn sí ọ̀gá mi." Ó tán.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ, ẹni tó ń kó àgbàdo wá láti òkè Ọya kọ̀wé pé ọkọ̀ méjì ti gbéra, ta ni yóò gbà á wọlé, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé? Èsì yẹn ló bá a. Ọ̀gá wo? Ọ̀gá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì mọ ọ̀kankan. Ó tún kọ̀wé lọ́jọ́ kejì, èsì kankan kò wọlé mọ́. Ọkọ̀ dé ẹnu géètì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọlọ́dẹ ní kò sí ẹni tó sọ fún òun pé ẹrù ń bọ̀. Òjò rọ̀ lóru yẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, dírẹ́bà rí nọ́ńbà ọmọbìnrin yẹn lára ìwé ẹrù àtijọ́, ó sì pè é. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Wọ́n ti gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, bàbá àgbà ti di ọmọ mú, foonu ń dún. Ìyá ọmọ dìde láàrin àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, ó bọ́ sí ìta lọ ṣàlàyé àgbàdo. Tapólì ọkọ̀ kan ti ya lókè. Àwọn àpò tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ti gbomi, ilé iṣẹ́ kò sì gbà wọ́n, torí àgbàdo tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 yóò bu ní ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹ wo ohun tó fa á pé lẹ́tà kejì kò rí èsì gbà, nítorí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Gmail kì í dá ẹnì kan náà lóhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọjọ́ mẹ́rin, àfi bí ẹ bá tún èsì náà kọ. Ti Outlook tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dá ẹnì kan lóhùn títí ẹ ó fi pa á. Èyí dára, torí òun ni kò jẹ́ kí èsì méjì máa da ara wọn lóhùn títí àpótí yín yóò fi kún. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé àǹfààní kan péré lẹ ní lọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀wé. Bí orúkọ àti nọ́ńbà kò bá sí nínú èyí tó kọ́kọ́ gbà, kò ní gba òmíràn lọ́la. Bákan náà, bí ẹni tí ẹ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ bá yí padà láàrin lííìfù yín lórí Outlook, ẹ pa èsì náà kí ẹ sì tún un tàn, kí àwọn tó ti gba ti àtijọ́ lè rí tuntun.

Báyìí ni mo ṣe tún ti ọmọbìnrin yẹn kọ nígbà tí wọ́n pè mí:

> Fún àgbàdo, sóyà àti gbogbo ẹrù tó ń bọ̀: ẹ kọ̀wé sí rira@example.com. Ọ̀gbẹ́ni (orúkọ rẹ̀ ní kíkún), igbákejì mi, ló ń dáhùn níbẹ̀, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ìgbẹ́rùwọlé. Nọ́ńbà rẹ̀: (nọ́ńbà iṣẹ́), aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì.
>
> Bí ẹ kò bá rí i bá sọ̀rọ̀: alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí, (nọ́ńbà).
>
> Mo wà ní lííìfù. Ọjọ́ Ajé 15 Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ní ka lẹ́tà yín yìí kó tó di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá mi kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì òkè yìí.

Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ló ṣáájú, lííìfù tẹ̀lé e. Lójú foonu, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló ń hàn kí ènìyàn tó ṣí lẹ́tà, Outlook kò sì fún yín láyè láti kọ àkọlé tiyín sórí èsì náà. Ẹ rí i pé n kò kọ "kánjúkánjú". Kò sí oníbàárà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe kánjúkánjú lójú ara rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni kí ẹ kọ, kí kálukú mọ ibi tí tòun wà. Ẹ wo ọjọ́ náà pẹ̀lú: ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí lííìfù parí. Nínú ètò Gmail, níbi Last day, ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀ lẹ máa fi síbẹ̀, torí òru ọjọ́ yẹn gan-an ló máa pa. Gbólóhùn tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní bá mi kà á ni àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù láti kọ. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Láìsí i, ẹni tó kọ̀wé yóò rò pé ẹlòmíràn ti rí lẹ́tà òun, yóò sì jókòó dúró.

Àmọ́ èyí tí mo lè fi gbogbo ọjọ́ sọ ni pé kí ẹ má ṣe dárúkọ ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi í, kó ní "mo gbà". Ẹ bi ọ̀gá bóyá ó lè fọwọ́ síwèé, torí ẹni tí kò láṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan kan kàn máa sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró ni. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ìgbà wo ni tirẹ̀ ń lọ lííìfù. Ní àsìkò Iléyá kan, mo kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan. Èsì rẹ̀ ní kí n rí ẹnì kejì rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹnì kejì, èsì tirẹ̀ ní kí n padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ti wà nílé pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń múra Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Iṣẹ́ mi dúró ọjọ́ mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo àdírẹ́sì iṣẹ́ bíi rira@ dípò ti ẹnì kan: ènìyàn méjì lè máa kà á, ẹni tó bá wà lọ́fíìsì ló ń dáhùn. Ọjọ́ kan kí ẹ tó lọ, ẹ fi àdírẹ́sì míì kọ̀wé sí ara yín, ẹ sì pe nọ́ńbà tó bá jáde nínú èsì náà. Mo ti rí nọ́ńbà tó jẹ́ ti ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́ kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ torí ayé, pé ọ̀tá kò gbọdọ̀ mọ ìgbà tí aboyún máa bímọ. Ta ló ní kí ẹ kọ oyún síbẹ̀? Mo kọ "lííìfù", n kò kọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ máa padà sídìí iṣẹ́ kì í ṣe àṣírí ilé ọkọ yín. Ẹni tó ní ọjà lọ́nà ní láti mọ̀ ọ́n. Ẹ kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gba iṣẹ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ yín ló wà lórí gbogbo lẹ́tà tó jáde. Ẹni tó tọ́jú ẹ̀rọ ọ́fíìsì lè fún un láyè láti ka àpótí yín láti inú tirẹ̀; Gmail àti Outlook méjèèjì ní ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Èsì yín ń sọ fún oníjìbìtì pẹ̀lú pé ẹ kò sí, ó sì ń dárúkọ ẹni tó dúró fún yín. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, lẹ́tà wọlé sọ́dọ̀ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ní orúkọ ẹnì kan tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀: "Kí màdámù tó lọ, a ti jọ sọ ọ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì wa yí padà. Ẹ sanwó sí tuntun yìí." Àdírẹ́sì náà jọ ti gidi, álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀. Ọmọ yẹn gbà á gbọ́ torí ó dárúkọ mi, ó sì mọ ọjọ́ tí mo lọ. Owó jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí olówó gidi fi máa béèrè owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àkáǹtì yẹn. Láti ìgbà náà, ìlà kan wà nísàlẹ̀ gbogbo èsì tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ará ìta: "A kì í gba àyípadà nọ́ńbà àkáǹtì nípasẹ̀ ímeèlì. Nọ́ńbà foonu tó ti wà nínú fáìlì wa tẹ́lẹ̀ la máa fi pè yín." Mo sì ń jẹ́ kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kà á sókè lójú mi kí n tó gbé báàgì mi.