Ẹ̀yìn Káàdì Oògùn: Ibi Tí Ọjọ́ Wà àti Bí Àlùmọ́gàjí Ṣe Ń Gé E Dànù

Bí ẹ bá dúró sídìí káńtà ilé oògùn ní Kúbwá tàbí Máràrábá láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ ó rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹnì kan á fa hóró oògùn mẹ́rin yọ nínú àpò, tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé kúrò lára káàdì, á ní kí wọ́n bá òun wò ó bóyá ó ṣì dára. Kò sí páálí, kò sí ìwé inú páálí. Fọ́ìlì ẹ̀yìn nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ náà sì ti gé sí méjì. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni yóò ẹsipáyà, á ní, “Ẹni tó tà á fún mi ní kò tíì ẹsipáyà.” Ẹni yẹn gan-an ló gé ọjọ́ náà kúrò.

Ohun méjì ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn káàdì, wọn kì í sì í kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n ti tẹ èyí sára fọ́ìlì nígbà tó ṣì wà ní róòlù gígùn, ìdí nìyẹn tó fi ń tún ara rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ẹ̀rọ kò wo ibi tí orúkọ parí sí kó tó gé fọ́ìlì, nítorí náà orúkọ lè pín sí méjì létí káàdì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ìyẹn nìkan kọ́ ni àmì ayédèrú oògùn.

Èkejì ni nọ́ńbà bááṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn náà àti ọjọ́ tí yóò ẹsipáyà. Wọn kò lè tẹ ìwọ̀nyí sára róòlù tẹ́lẹ̀, torí wọ́n ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá po oògùn tuntun. Ó di ìgbà tí hóró bá ti wọ inú ihò rẹ̀, tí fọ́ìlì sì ti lẹ̀ mọ́ ike, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà ń tẹ̀ wọ́n lórí káàdì kan, létí kan, níbi pẹlẹbẹ tí kò ní hóró. Bí ẹni tó ń tajà bá wá gé káàdì hóró mẹ́wàá sí mẹ́ta fún oníbàárà mẹ́ta, ẹnì kan ló máa gbé ọjọ́ lọ sílé. Orúkọ nìkan ló máa bá àwọn méjì yòókù délé, bí orúkọ ọ̀hún bá tiẹ̀ pé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọjọ́ wà lára káàdì wọn náà ń ní kò sí níbẹ̀, torí yíǹkì ni wọ́n ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi yíǹkì kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn irin ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọnú fọ́ìlì, láìsí àwọ̀ kankan. Bí ẹ bá gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ sábẹ́ gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà látòkè á pa á rẹ́ mọ́ yín lójú. Ẹ pa gílóòbù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá gba ojú fọ́ìlì kọjá. Òjìji á bọ́ sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i kà. Bí kò bá tún hàn, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ rọra fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra orí rẹ̀, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi owó kọ́ìnì ṣeré. Nọ́ńbà náà á jáde sórí bébà. Bí lẹ́tà bá dà bí ohun tí èèyàn ń wò nínú dígí, odì káàdì lẹ wà: ẹ yí i padà, kí ẹ kà á láti ojú ike, nítorí irin náà sábà ń wọlé kan ike pẹ̀lú.

Ká wá ka ọ̀kan pọ̀. Ká ní oṣù Karùn-ún 2026 la wà, káàdì ọwọ́ yín jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí ẹ sì rí létí rẹ̀ ni èyí:

```
B.No. K3091
MFG 09/23
EXP 0?/26
```

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé òdo níwájú EXP kò hàn dáadáa: ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 8. Bó bá jẹ́ 3, oògùn náà ti ẹsipáyà láti òpin oṣù Kẹta. Bó bá jẹ́ 8, ó ṣì kù ju oṣù mẹ́ta lọ. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń mú èyí tó wù wọ́n. Ẹ wo MFG, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta gédégédé ni àwọn ilé iṣẹ́ sábà ń fún hóró oògùn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ọdún mẹ́ta pé ní òpin oṣù Kẹjọ 2026. Bí a bá ní oṣù Kẹta ni, ọdún méjì ààbọ̀ àti oṣù kan ló máa jẹ́, èyí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà 8 ló jọ. Ṣùgbọ́n “ó jọ” kò tíì tó fún oògùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti apá òsì, kí ẹ tún tàn án láti apá ọ̀tún: ẹ̀gbẹ́ òsì 3 ṣí sílẹ̀, ti 8 pa dé. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gbé e lọ bá apòògùn, kó fi wé páálí tó ní bááṣì kan náà.

Bí EXP bá sọ oṣù àti ọdún láìsọ ọjọ́, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà ni wọ́n ń sọ. EXP 08/26 túmọ̀ sí pé ẹ lè lò ó títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Bí ó bá jẹ́ MFG nìkan ló kù lára ohun tí wọ́n gé fún yín, ẹ má fi ọdún mẹ́ta kún un fúnra yín. Ohun tí a fi ń yẹ nọ́ńbà tí a rí wò ni ìṣirò yẹn, a kì í fi í dá ọjọ́ tí kò sí sílẹ̀.

Nọ́ńbà bááṣì ni wọ́n máa ń kọ B.No., Batch tàbí Lot sí níwájú. Ẹ fojú ìyá tó ń dín àkàrà wò ó: ẹ̀wà tó lọ̀ láàárọ̀ àti èyí tó lọ̀ nírọ̀lẹ́, àkàrà náà ni, ṣùgbọ́n bí ti àárọ̀ bá kan, ti ìrọ̀lẹ́ lè dára. Nígbà tí NAFDAC bá kìlọ̀ fáráyé nípa oògùn tó ní àbùkù tàbí tí wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀, nọ́ńbà bááṣì ni wọ́n sábà ń dárúkọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti gé dànù kò ní mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Nọ́ńbà NAFDAC yàtọ̀ sí i pátápátá: kan náà ló ń jẹ́ lára oògùn tí wọ́n ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn àti èyí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá, kò sì lè sọ bóyá hóró ọwọ́ yín ti gbó. Bákan náà ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé Mfg. Lic. No. lára ọ̀pọ̀ oògùn ilẹ̀ Íńdíà: ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ ni. Nínú bááṣì gan-an, àwọn kan ń kọ nǹkan bíi 250614, àwọn èèyàn a sì kà á sí ọjọ́ ẹsipáyà. Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà kí ẹ tó gbà pé ọjọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ yé gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ewu rẹ̀ ju ti ọjọ́ lọ. Lẹ́tà BP tó wà lẹ́yìn káàdì kò túmọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé ìlànà oògùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń tọ́ka sí, ìyẹn ìwé tó sọ bí oògùn ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó àti iye tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. USP ni ti Amẹ́ríkà. Parasítamọ́ọ̀ ní BP lára, oògùn ibà ní in, oògùn kòkòrò ní in. Nígbà tí àlùmọ́gàjí bá ti gbé orúkọ lọ, tó wá ku “Tablets BP 400 mg” nìkan, àwọn bàbá àti ìyá wa a fi ayọ̀ gbé e mì pé oògùn BP àwọn nìyẹn. Ibuprofẹ́ẹ̀nì ló lè jẹ́! Oògùn ìrora nìyẹn, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ga sí i, kó tún ba agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gidi jẹ́. Èèyàn á máa lo ohun tó ń pa á lára, á ní oògùn òun kò ṣiṣẹ́, á sì fi ìlọ́po kún un. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sílé láti Àbújá, ẹ fi páálí odindi ránṣẹ́. Ẹ má fi hóró mẹ́ta mẹ́ta sínú nílọ́ọ̀nù.

Sùúrù mi kò gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé oògùn sórí àtẹ kiri gáréèjì Ńyányà mọ́. Wọ́n ní gbogbo oògùn ló ní oṣù mẹ́fà àánú lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà títí di ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fún oníkiri láṣẹ láti fi kún un. Wọ́n ní bó bá ṣì korò, agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Ahọ́n kì í wọn oògùn. Ọjọ́ yẹn gan-an wà fún oògùn tí wọ́n tọ́jú dáadáa ni, torí ọ̀pọ̀ fọ́ìlì ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má ju 30°C lọ. Oògùn tó jókòó sínú oòrùn oṣù Kẹta ní Sókótó tàbí níwájú ọkọ̀ ní Lúgbẹ̀ kò dúró de EXP kó tó máa bàjẹ́.

Àwọn kan burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń fi sípíríìtì nu yíǹkì ọjọ́ kúrò, wọ́n á sì tẹ òmíràn. Ọjọ́ tí irin tẹ̀ kò ṣeé nù, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ìdí ṣíbí rà á títí yóò fi tẹ́jú. Ẹ wo etí káàdì: ibi tí wọ́n ti rà máa ń dán ju ìyókù lọ, ojú ike ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè ṣì di àpá nọ́ńbà àtijọ́ mú. Bí páálí bá wà, bááṣì àti EXP ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti káàdì dọ́gba, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ dá a padà.

Tí owó kò bá tó odindi káàdì, ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì kó jẹ́ kí ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn káàdì kó tó gbé àlùmọ́gàjí, orúkọ àti etí tí ọjọ́ wà pa pọ̀. Nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ hóró láti etí tó jìnnà sí ọjọ́, kí ọjọ́ lè bá hóró tó gbẹ̀yìn dé òpin. Ẹyọ tí wọ́n ti gé fún yín tí kò ní EXP lára, ẹ má lò ó. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má torí ìyẹn dá oògùn dúró: lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ ra èyí tó ní ọjọ́ lára.