Ìwé ORS tí ẹ̀rọ túmọ̀: ibi tó ti ń yẹ̀ àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ká ní ìwé pélébé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òmù-Àrán tàbí ní àdúgbò kan n'Ílọrin. Bí wọ́n ṣe ń po ORS, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà, fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ló wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ẹ̀rọ sì ti sọ ọ́ di Yorùbá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa tún un ṣe. Irú ohun tí ẹ̀rọ sábà máa ń gbé jáde nìyí:

“Tu apo kan sinu lita kan ti omi mimọ. Fun ọmọ naa lati mu lẹhin gbogbo igbẹ alaimuṣinṣin. Ti o ba eebi, duro fun iṣẹju mẹwa, lẹhinna fun u lẹẹkansi laiyara diẹ sii. Jabọ ohunkohun ti o kù lẹhin wakati 24.”

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe ni pé kó pa Yorùbá yìí tì, kó ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán, kó sì sọ ohun tó ní kí ìyá ọmọ ṣe lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti Yorùbá ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára kó tó dé ìparí. Àwọn àṣìṣe tó wà níbẹ̀ á wá dà bí ohun tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín ni “alaimuṣinṣin”. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń lò fún ìdè tó dẹ̀ àti ìgbẹ́ tó ń ṣàn, ẹ̀rọ sì mú ìtumọ̀ ti ìdè. Àṣìṣe báyìí kò le láti rí, nítorí kò sí ìyá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ. Ìgbẹ́ gbuuru la fi ń rọ́pò rẹ̀, ó parí.

Èyí tó burú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́: “lẹhin gbogbo igbẹ”. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ ni pé tí ọmọ bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fún un mu. Tó bá tún yà, kí wọ́n tún fún un. Bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́, ohun tí Yorùbá ń gbọ́ ni pé kí ìgbẹ́ náà tán pátápátá ná. Ìyá tó bá tẹ̀ lé e á jókòó ti ọmọ títí ìgbẹ́ á fi dáwọ́ dúró, nígbà tó jẹ́ pé omi tó ń jáde lára ọmọ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ kó máa dá padà. Ohun tó fà á ni pé “gbogbo” nìkan kì í sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe la máa ń gbé e lé: gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́. Nítorí náà, níbikíbi tí “gbogbo” bá ti jáde nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wí tàbí àpapọ̀.

“Ti o ba eebi” náà nìyẹn. Ẹ̀rọ kò fi àmì sórí “o”, bẹ́ẹ̀ “o” ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, “ó” sì ni ẹlòmíì. Ta ló wá bì, ìyá ni àbí ọmọ? Gẹ̀ẹ́sì kò fi èyí pamọ́ rárá, àmọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń mú lọ́tọ̀, kò sì rántí pé ọmọ la ń sọ nínú gbólóhùn tó ṣáájú. Àtúnṣe tó dájú jù ni kí a dárúkọ rẹ̀: “Bí ọmọ bá bì”. Àmì lè já bọ́ nígbà tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ṣùgbọ́n “ọmọ” kò ní já bọ́.

“Omi mimọ” tún gba ìrònú díẹ̀. Apá ńlá nínú Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti inú Bíbélì àti ìwé ẹ̀sìn wá, nítorí pé ìyẹn ló pọ̀ jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi mímọ́ kì í ṣe àṣìṣe pátápátá, ṣùgbọ́n n'Ílọrin, ẹni tó kà á lè rò pé omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí ni. “Omi tó mọ́” kò ní wàhálà kankan. Ẹnì kan lè fẹ́ fi kún un pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí ló jẹ́ lítà kan, ó sì wúlò gan-an. Àmọ́ ìyẹn ti kúrò ní àtúnṣe, ó ti di àfikún, ẹni tó ni ìwé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Tu, fun, duro, jabọ: bí ìgbà tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Kí “ẹ” wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, nítorí ẹ̀rọ lè lo “yín” nínú ìpínrọ̀ kan kó sì lo “rẹ” nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, bó ṣe máa rí nìyí:

“Ẹ da gbogbo oògùn inú ọ̀rá kan sínú omi tó mọ́ tó jẹ́ lítà kan, kí ẹ rò ó títí á fi yọ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un mu. Bí ọmọ bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún fún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti pé wákàtí 24 tí ẹ ti pò ó, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù.”

Iye oògùn, nọ́ńbà ni kó jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ń mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ti pé ọdún 2 ń mu 100 sí 200. Bí a bá ní ká fi ọ̀rọ̀ kọ wọ́n, mẹ́rìnlá àti mẹ́rìndínlógún á tètè gba ipò ara wọn lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ojú tó ti rẹ̀ kò sì ní rí i. Ẹ ka nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ka ti Yorùbá, kí wọ́n bára mu.

Àmì ohùn ló máa ń gbẹ̀yìn, torí pé ọ̀rọ̀ tí a máa pa rẹ́ kò yẹ kó gba àkókò wa. Ohun kan wà tí ojú kò lè rí níbẹ̀: “ẹ̀” lè jẹ́ “ẹ” tí wọ́n fi àmì lé lórí, ó sì lè jẹ́ “è” tí wọ́n fi ẹsẹ̀ sí nídìí. Lójú ènìyàn ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ kan láti pààrọ̀ rẹ̀ jákèjádò ìwé, ìdajì lè ṣẹ́kù láìyí padà. Èyí ń sọ wọ́n di ọ̀kan, t ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà:

```python
import unicodedata
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
```

Kò ran ti àwọn tó fi ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan (U+0329) ṣe ẹsẹ̀ dípò àmì róbótó kékeré. Ìyẹn ni kí ẹ fi U+0323 rọ́pò kí ẹ tó lo àṣẹ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé náà sókè fún ìyá kan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ má bi í bóyá ó yé e, torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣe tí ọmọ rẹ̀ bá yàgbẹ́ láàárọ̀, tó tún yà lọ́sàn-án. Tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan lòun máa fún un mu, gbólóhùn kejì la máa padà sí.